Mo pa fídíò tó ń dàgbà rẹ́ nítorí pé mi ò mọ ìròyìn rẹ̀ kà

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Balógun ni mo ti ń ta gèlè. Mo gbé fídíò bí a ṣe ń wé gèlè sórí YouTube lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta wọ́n ti wò ó tó 3,100, àfi bó ṣe dúró gbagidi. Mo wo ìròyìn tí YouTube fi ń sọ ọ̀nà tí àwọn òǹwòran gbà wá, mo rí i níbẹ̀ pé External 68%, Browse features 14%, YouTube search 5%. Ṣé wọ́n ti pa fídíò mi ni? Ṣé kí n yọ ọ́ kúrò kí n tún un gbé?"

Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ ọ́. Mo ṣe é rí, ó sì ń dùn mí títí di òní.

Jẹnẹrétọ̀ ni mo ń tún ṣe, Mushin ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Ní 2022 mo ṣe fídíò ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án kan lórí kékeré tí gbogbo wa ń pè ní "I pass my neighbour", nígbà tó bá ń sáré, tó ń rọlẹ̀, tó tún ń sáré, torí pé ìdọ̀tí ti dí ihò tín-ń-tín inú kábúrétọ̀ rẹ̀. Mo fi lìnkì rẹ̀ sí gúrúùpù WhatsApp mẹ́fà: ti àwọn lánlọ́ọ̀dù àdúgbò, ti ṣọ́ọ̀ṣì, ti àwọn tí a jọ jáde ilé ìwé, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjọ́ méjì péré, wọ́n ti wò ó nígbà 2,400. Nígbà tó di ọjọ́ karùn-ún, kò pé ogún lójúmọ́ mọ́. Mo wo ìròyìn náà bí ẹ ṣe wò ó yìí, mo rí External 81%, mo rí YouTube search 3%. Mo ní kí ni 3% lè dà. Mo yọ fídíò náà, mo yí àwòrán ojú rẹ̀ padà, mo tún un gbé.

Ohun tí mi ò kà sí ni iye ìṣẹ́jú tí ẹnì kọ̀ọ̀kan fi jókòó tì í. 3% inú 2,400 jẹ́ 72. Àwọn 72 yẹn wò ó fún ìṣẹ́jú márùn-ún àti ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá nínú mẹ́sàn-án, lápapọ̀ tí a bá pín in dọ́gba. Àwọn tó ti WhatsApp wá, ìṣẹ́jú àáyá 38 ni tiwọn. Ará ṣọ́ọ̀ṣì mi tẹ lìnkì torí pé èmi ni mo fi ránṣẹ́, ó rí ojú mi, ó kí mi kú oríire nínú gúrúùpù, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Kò ní jẹnẹrétọ̀ tó bàjẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Ẹni tó wá a fúnra rẹ̀ ní alẹ́, tí iná ti lọ, tí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ ń sáré sókè sódò, ló jókòó gbọ́ mi dé ibi tí mo ti ń tú kábúrétọ̀. Irú ẹni yẹn sì ti ń wá mi díẹ̀díẹ̀ kí n tó pa fídíò náà rẹ́. Nígbà tí mo tún un gbé, odo ni mo ti bẹ̀rẹ̀: fídíò tuntun ni lójú YouTube, kò rántí pé ẹnikẹ́ni ti wò ó rí. Àwọn ará gúrúùpù náà kò sì tún un tẹ̀ nígbà kejì.

Nítorí náà, External kò burú, ṣùgbọ́n ohun tó ń sọ kò ju pé ẹnì kan gbé lìnkì yín síta, àwọn kan sì tẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ nípa ẹni tó pín in ló ń sọ jù, ju ọ̀rọ̀ nípa fídíò fúnra rẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tó fi ń ga fíofío lọ́jọ́ méjì, tó sì ń wálẹ̀ nígbà tí gúrúùpù bá ti gbàgbé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín nìyẹn, kò sí ẹni tó pa yín. Ẹ tẹ ọ̀rọ̀ External fúnra rẹ̀, yóò ṣí àwọn orúkọ tó wà lábẹ́ rẹ̀. Bí WhatsApp àti Facebook bá wà lókè, bí mo ṣe sọ ọ́ ló rí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí Google Search níbẹ̀, ìyẹn yàtọ̀ pátápátá: ẹni tó béèrè ìbéèrè lórí Google ni, tí Google wá fi fídíò yín hàn án. Ẹ kà á mọ́ àwọn tó ń wá nǹkan, ẹ má kà á mọ́ àwọn ará gúrúùpù. Díẹ̀ nínú àwọn tó gba lìnkì lọ́wọ́ èèyàn tún lè bọ́ sábẹ́ Direct or unknown, nígbà tí YouTube kò bá rí ibi tí wọ́n ti wá.

Bí ẹ ṣe máa wò ó rèé. Ẹ lo kọ̀ǹpútà bí ẹ bá rí, torí pé tábìlì rẹ̀ hàn kedere ju ti fóònù lọ. Ẹ ṣí fídíò náà nínú YouTube Studio, ẹ tẹ Analytics, ẹ tẹ Reach, kí ẹ wá tẹ See more lábẹ́ ibi tí wọ́n to ọ̀nà tí òǹwòran gbà wá sí. Níbẹ̀ ni ẹ ó ti rí Views àti Average view duration lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sókè níbi tí wọ́n kọ ọjọ́ sí, kí ẹ má jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí ẹ gbé e. Ẹ mú un láti ọjọ́ karùn-ún wá di ìsinsìnyí. Ohun tó kù lẹ́yìn tí ariwo WhatsApp ti lọ ni fídíò yín gan-an. Ní tèmi, èyí nìkan ì bá ti gbà mí. Nínú ọjọ́ tó kù yẹn, search ì bá ti kó èyí tó pọ̀ jù, mi ò ní rí 3% kí n sì sá.

Tiyín, 5% inú 3,100 jẹ́ 155, Browse 14% sì jẹ́ 434. Wọn kì í ṣe ọmọ kékeré. Ẹ wo iye ìṣẹ́jú tí àwọn 155 fi wò ó. Bí ó bá ju ti External lọ ní ìlọ́po mẹ́ta tàbí mẹ́rin, fídíò náà wà láàyè. Bí àwọn náà bá sá lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá ọgbọ̀n, ó jẹ́ pé orúkọ fídíò ṣèlérí ohun tí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò fi hàn, bóyá ìkíni ló gùn jù kí gèlè tó jáde nínú nylọ́ọ̀nù. Bí èèyàn tí ọ̀nà kan mú wá kò bá tó ogún, ẹ má gbà á gbọ́ síbẹ̀, ẹnì kan tó wò ó tán lè gbé ìṣirò náà sókè.

Ẹ tún tẹ YouTube search, ẹ ó rí ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn tẹ̀. Ibí yìí ni mo fẹ́ràn jù. Orúkọ tí mo fún fídíò mi ni "Carburetor jet cleaning". Ohun tí wọ́n ń tẹ̀ ni "generator going up and down" àti "i pass my neighbour not picking". Kò sí ẹni tó mọ̀ pé kábúrétọ̀ ni, ìdí tí wọ́n fi ń wá mi nìyẹn! Mo yí orúkọ fídíò tí mo tún gbé náà sí ọ̀rọ̀ tiwọn, mo fi àìsàn jẹnẹrétọ̀ síwájú, mo fi ìwòsàn sẹ́yìn. Láàárín oṣù mẹ́ta, ó dé ìgbà 50 lójúmọ́, search sì kó 35 nínú rẹ̀, ìyẹn 70%.

Ní oṣù kẹfà ni jìnnìjìnnì tún bò mí, torí mo rí i pé search ti jábọ́ láti 70% sí 41%. Ọpẹ́lọpẹ́ pé mo ti kọ́gbọ́n, mo ka iye kí n tó ka ìdá. Wọ́n ń wò ó ní 107 lójúmọ́, search sì ti di 44. Ó pọ̀ sí i! Suggested videos ló wọlé tó kó 46, ló jẹ́ kí ìdá search dín kù. Nígbà tí mo tẹ Suggested, mo rí àwọn fídíò tí YouTube gbé tèmi sí ẹ̀gbẹ́ wọn: méjì jẹ́ tèmi fúnra mi, ìyókù jẹ́ ti àwọn mẹkáníìkì jẹnẹrétọ̀ mìíràn. Suggested ń sọ fún yín irú ọjà tí wọ́n to yín sí. Bí ti gèlè yín bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fídíò gèlè àti aṣọ òkè, wọ́n ti mọ̀ yín. Bí ó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fídíò ìgbéyàwó tí èèyàn fi ń ṣe fàájì lásán, tí wọ́n sì ń sá lọ kíákíá, àwọn tó jókòó síbẹ̀ kò wá ẹ̀kọ́. Ó sì dára kí ẹ ṣe fídíò kejì tó bá ti àkọ́kọ́ mu, kí wọ́n lè máa ti ọ̀kan bọ́ sí èkejì.

Browse features ni èyí tí wọ́n gbé sí ojú ilé YouTube fún ẹni tí kò béèrè nǹkan kan, àti fún àwọn tó ti tẹ Subscribe. Àwòrán ojú fídíò ló ń ṣiṣẹ́ jù níbẹ̀. Ẹ má fi Impressions click-through rate rẹ̀, ìyẹn ìdá ìgbà tí wọ́n tẹ fídíò nínú iye ìgbà tí àwòrán rẹ̀ hàn, wé ti search, torí ẹni tó ń wá omi àti ẹni tó ń kọjá lọ kò ní wo sáṣẹ́ẹ̀tì bákan náà. Tèmi wà ní 6.8% nígbà tí wọ́n fi hàn nígbà 3,000, ó wálẹ̀ sí 2.9% nígbà tí wọ́n fi hàn nígbà 41,000. Mo fẹ́ yí àwòrán padà lọ́jọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n àkọ́kọ́ jẹ́ bíi 204 èèyàn, èkejì jẹ́ bíi 1,189. Wọ́n ń gbé e lọ fún àwọn tí kò mọ̀ mí rárá ni, kò sì burú bí ìdá àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ bá dín kù. YouTube fúnra rẹ̀ sọ pé ìdajì gbogbo ṣánẹ́ẹ̀lì àti fídíò wà láàárín 2% sí 10%. Ti External kò ní nọ́ńbà yìí rárá, torí ìgbà tí àwòrán bá hàn nínú YouTube nìkan ni wọ́n ń kà.

Ẹ ṣí tábìlì náà lálẹ́ òní, láti ọjọ́ karùn-ún wá, kí ẹ kọ iye àti ìṣẹ́jú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ search, Suggested àti Browse síbí, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ mẹ́ta tó wà lókè lábẹ́ search. Ẹ fi ọjọ́ méjì tó kẹ́yìn sílẹ̀, torí ìròyìn rẹ̀ máa ń pẹ́ kó tó pé. Mo máa bá yín wò ó.