Ìwé tí mo kà ṣùgbọ́n tí n kò tọ́ka sí

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ogun Ìmàgbọn ọdún 1892 ni mò ń kọ pùrójẹ́ẹ̀tì lé lórí, l'Ágọ̀-Ìwòyè níbí. Sùpáfáísọ̀ mi fa ìlà pupa sí ìwé mẹ́jọ nínú àkójọ tí mo tò sẹ́yìn, wọ́n ní rẹ́fẹ́rẹ́ǹsì ni àwọn ní kí n kọ, kì í ṣe bibiliógíráfì. Bẹ́ẹ̀ mo ka gbogbo wọn o. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Kò sẹ́ni tó ní o ò kà wọ́n. Ibi tí o ti lò wọ́n ni wọ́n wá tì. Ẹni tó bá rí "(Johnson, 1921)" láàárín ọ̀rọ̀ rẹ ni a ṣe àkójọ rẹ́fẹ́rẹ́ǹsì fún, kó lè mọ ìwé tó ò ń sọ. Ìwé tí kò bá yọjú nínú iṣẹ́ náà kò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀. Bibiliógíráfì ni ó máa ń gba ìwé tí o kà láti fi lóye ọ̀rọ̀, bó ò tilẹ̀ tọ́ka sí i. Orúkọ ìdílé òǹkọ̀wé ni a sábà fi ń to méjèèjì ní ABD, ni wọ́n ṣe jọra lójú tó báyìí.

Tẹ Ctrl+F, kí o wá orúkọ òǹkọ̀wé kọ̀ọ̀kan nínú iṣẹ́ rẹ. Èyí tó bá jẹ́ pé inú àkójọ nìkan ló wà, yọ ọ́, tàbí kí o tọ́ka sí i níbi tó ti ràn ọ́ lọ́wọ́ ní tòótọ́. Má kàn lẹ orúkọ mọ́ gbólóhùn kí ìwé má baà ṣòfò. Ẹni tó mọ ìwé náà máa mọ̀. Lẹ́yìn náà, padà sínú iṣẹ́, kí o wo gbogbo orúkọ tó wà nínú àkámọ́ bóyá ó wà lẹ́yìn. Apá kejì yìí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fò.

Ká ní inú ìwé Ayandele ti 1992 lórí àwọn Ìjẹ̀bú lo ti rí ọ̀rọ̀ Johnson, tí o ò rí ìwé Johnson gan-an. Ìlànà APA ní kí o dárúkọ méjèèjì nínú ọ̀rọ̀, kí o sọ pé ọ̀dọ̀ Ayandele lo ti rí i, ṣùgbọ́n Ayandele nìkan ni yóò wọ àkójọ. Bàbá àgbà tí o bá sọ̀rọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde náà kò wọ ibẹ̀, torí kò síbi tí òǹkàwé ti lè lọ rí ọ̀rọ̀ tó bá ọ sọ.

Ní ẹ̀ka ìtàn, ọ̀rọ̀ sábà máa ń yí padà. Wọ́n fẹ́ràn ìlànà Ṣikágò tó ń kọ orísun sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé, bibiliógíráfì ló sì máa ń tẹ̀ lé e. Ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ìtàn nílé wa níbí a máa pín in sí orísun tààrà àti ìwé àwọn onímọ̀, wọn a sì to àwọn tí o fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò síbẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ orí, iṣẹ́ àti ìlú wọn. Bí ẹ̀ka tìrẹ bá wà lára wọn, fi ìwé ìlànà pùrójẹ́ẹ̀tì han sùpáfáísọ̀ rẹ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ kí o tó pa ohunkóhun rẹ́.

Bí o bá fẹ́ sọ iṣẹ́ náà di àpilẹ̀kọ fún jọ́nà lẹ́yìn èyí, àwọn ìwé tí o tọ́ka sí nìkan ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbà. Ka ìlànà tí wọ́n kọ fún òǹkọ̀wé, kí o sì wo ẹ̀yìn àpilẹ̀kọ kan nínú ẹ̀dà wọn tó jáde kẹ́yìn.