Báwo ni wọ́n ṣe ń ka póìntì nínú júdò, kí ló sì ń jẹ́ kí ìjà parí kí àsìkò tó pé?

Tó o bá gbé ẹni tó o ń bá jà lulẹ̀ tagbáratagbára, tó fẹ̀yìn balẹ̀ gbàà, tọ́wọ́ ẹ ò sì kúrò lára ẹ̀, ìpọ́n nìyẹn, ìjà ti parí, kódà kí ìṣẹ́jú 4 má tíì lọ sídàajì. Tí ò bá mọ́ tó bẹ́ẹ̀, wásárì ni, méjì ẹ̀ ló ń di ìpọ́n. Tó o bá wá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, sẹ́kọ́ńdì 20 ni ìpọ́n, àmọ́ tó o bá ti ní wásárì kan nílẹ̀, 10 ti tó. Yúkò, póìntì tó kéré sí wásárì tí wọ́n dá padà ní 2025, kì í di wásárì o, bó ti wù kó pọ̀ tó. Tẹ́nì kan bá fọwọ́ lu ilẹ̀ pé òun gbà, tàbí tó gba ìkìlọ̀ ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ṣídò lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó tán náà nìyẹn.