Líǹkì báàjì tí kò ṣí fún ẹlòmíì lórí LinkedIn

*“Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Mo yege ìdánwò AWS Certified Cloud Practitioner, mo sì ti fi báàjì rẹ̀ sórí LinkedIn. Ẹni tó fẹ́ gbà mí síṣẹ́ ní nígbà tí òun tẹ líǹkì náà, páásíwọ́ọ̀dù ló ń bi òun. Lọ́wọ́ tèmi, ó ń ṣí dáadáa. Kí ló dé?”*

Àbúrò, ó ń ṣí lọ́wọ́ rẹ nítorí pé o ti wà nínú àkáǹtì rẹ tẹ́lẹ̀ lórí Credly, ìkànnì tí AWS ti ń fúnni ní báàjì. Ó jọ pé òkè búráúsà lo ti kọ́pì líǹkì yẹn nígbà tí o ń wo báàjì rẹ. Wo bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Bó bá rí báyìí, ìwọ nìkan ló wà fún:

```
https://www.credly.com/earner/earned/badge/...
```

Èyí tí ará ìta lè ṣí nìyí:

```
https://www.credly.com/badges/.../public_url
```

Níbi tí mo fi àmì tó-tò-tó sí, lẹ́tà àti nọ́ńbà gígùn ló máa ń wà níbẹ̀. Má fọwọ́ ara rẹ kọ ọ́ o. Ṣí báàjì náà lórí Credly, tẹ Share, kí o sì kọ́pì líǹkì tí wọ́n bá fún ọ níbẹ̀. Kó o tó kúrò, rí i dájú pé o kò ṣètò báàjì náà kó jẹ́ pé ìwọ nìkan lo lè rí i, torí bó bá wà bẹ́ẹ̀, líǹkì tó dára náà kò ní ṣí fún ẹnikẹ́ni.

Lórí LinkedIn, lọ sí Licenses & certifications, tẹ àmì pẹ́ńsù, kí o sì lẹ líǹkì tuntun náà mọ́ Credential URL. Òun ló máa ń di bọ́tìnnì Show credential tí èèyàn ń tẹ̀. Ní Issuing organization, má kàn kọ AWS kí o sì fi sílẹ̀. Yan Amazon Web Services (AWS) látinú orúkọ tó bá yọ sí ọ nísàlẹ̀, kí àmì ilé iṣẹ́ náà lè hàn. Nọ́ńbà tí wọ́n pè ní Validation Number lára sátífíkéètì rẹ ni kí o fi sí Credential ID. Ẹni tó bá fẹ́ lè mú un lọ sí aws.amazon.com/verification, kó fojú ara rẹ̀ rí i, láìgba ọ̀dọ̀ Credly kọjá.

Àwòrán báàjì tí o fi síbẹ̀ kò burú, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni lè ya fọ́tò báàjì ẹlòmíì lójú fóònù. Èmi náà ti bá wọn yẹ ìwé àwọn tó ń wáṣẹ́ wò. Líǹkì la máa ń ṣí: a ó wo orúkọ, ọjọ́ tí wọ́n fún un, àti ọjọ́ tó máa parí.

Orúkọ yẹn gan-an ló fi ojú mi rí nǹkan. Mo ṣe ìdánwò tèmi kí n tó lọ sílé ọkọ, orúkọ bàbá mi ló wà lára báàjì, ti ọkọ mi ló wà lórí LinkedIn. Ilé iṣẹ́ kan ṣí líǹkì náà, wọ́n rí orúkọ tí wọn kò mọ̀, wọ́n sì fún ẹlòmíì níṣẹ́ náà kí àlàyé mi tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ó dùn mí gan-an. Báyìí, orúkọ bàbá mi wà ní Additional name lórí LinkedIn. Bí tìrẹ náà bá yàtọ̀, ṣe bẹ́ẹ̀ lónìí, kí o sì kọ̀wé sí àwọn tó fún ọ ní sátífíkéètì pé kí wọ́n bá ọ tún un ṣe.

Bó bá jẹ́ íméèlì ibi iṣẹ́ lo fi gba báàjì náà, fi íméèlì tìrẹ kún àkáǹtì Credly rẹ nígbà tí o ṣì wà níbẹ̀. Ọjọ́ tí o bá fiṣẹ́ sílẹ̀ ni wọ́n máa ti íméèlì yẹn pa, wàá sì máa wá ọ̀nà wọlé kiri.

Ọdún 3 ni sátífíkéètì AWS máa ń lò. Tí o bá sọ ọ́ dọ̀tun, LinkedIn kò ní dá yí Expiration date padà fúnra rẹ̀. Ìwọ lo máa yí i.

Tí o bá ti ṣe tán, ṣí ojú ewé Incognito lórí Chrome, lẹ líǹkì náà síbẹ̀. Tí báàjì bá yọ pẹ̀lú orúkọ rẹ láìbi ọ ní nǹkan kan, ó ti dáa. Fi líǹkì náà ránṣẹ́ tààrà sí ẹni tó fẹ́ gbà ọ́ síṣẹ́, má dúró dìgbà tó bá tún padà wá wo LinkedIn rẹ.