Nọ́ńbà Fóònù Tó Pòórá Nínú Síífíì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ìkòròdú ni mò ń gbé, iṣẹ́ akáǹtì ni mo sì ń wá. Wọ́n ní kí n da síífíì mi sínú Notepad kí n tó fi ránṣẹ́. Mo ṣe é, nọ́ńbà fóònù mi pòórá, ibi tí mo ti ṣiṣẹ́ sì dà rú mọ́ ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe. Ṣé bí kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ ṣe máa rí i náà nìyẹn?

Ìdáhùn: Kò fi dandan rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n nǹkan méjèèjì ló yẹ kí ẹ tún ṣe. Ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn ilé iṣẹ́ fi ń gba ìwé kì í wo ẹwà rẹ̀. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ló ń yọ, tí ó sì ń pín in sí orúkọ, nọ́ńbà, ipò àti ọdún. Notepad náà kì í sábà gbà ju lẹ́tà lásán lọ, ìdí sì nìyẹn tí a fi ń fi í dán ìwé wò.

Ó jọ pé apá òkè tí Word ń pè ní Header ni ẹ kọ nọ́ńbà yín sí. Bí ẹ bá tẹ Ctrl+A nínú Word, ara ìwé nìkan ló ń mú, kì í dé Header rárá. Àwọn ètò kan a máa ka Header, àwọn mìíràn a sì fò ó, ẹ kò sì lè mọ èyí tí ilé iṣẹ́ náà ń lò. Nítorí náà ẹ gbé orúkọ, nọ́ńbà àti ímeèlì sọ̀kalẹ̀ sí ìbẹ̀rẹ̀ ara ìwé. Bí PDF ni ẹ ó bá fi ránṣẹ́, òun gan-an ni kí ẹ dán wò, nítorí pé Ctrl+A nínú PDF sábà máa ń mú ohun tó wà lókè ìwé pẹ̀lú, èsì rẹ̀ yóò sì yàtọ̀ sí ti Word.

Ní ti ìdàrúdàpọ̀, àtẹ olópòó méjì ló sábà máa ń fà á. Bí ẹ bá kọ ohun tí ẹ mọ̀ ọ́n ṣe sí òsì, tí ẹ kọ iṣẹ́ sí ọ̀tún, irú èyí ni ẹ ó rí:

```
Excel    Account Officer, Ikorodu
Sage     2019 - 2023
```

Ìlà kan láti òsì dé ọ̀tún ni a kà tán kí a tó bọ́ sí ìkejì, ni ọdún iṣẹ́ yín bá wá di ti Sage. Ojú èèyàn á tò ó bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n ètò lè má mọ ọdún tó jẹ́ ti ipò wo. Ẹ yọ àtẹ náà kúrò, kí ẹ kọ ipò, ilé iṣẹ́ àti ọdún tẹ̀ léra wọn, kí ohun tí ẹ mọ̀ ọ́n ṣe sì wà nísàlẹ̀ lọ́tọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ tún un dà sínú Notepad.

Bí Ctrl+A kò bá rí lẹ́tà kankan mú nínú PDF, àwòrán lásán ni, bí irú èyí tí wọ́n máa ń bá èèyàn ṣe síkáànì rẹ̀ níbi fọ́tókọ́pì ní Gáréèjì. Ẹ padà sí fáìlì Word, kí ẹ sì sọ ọ́ di PDF láti ibẹ̀.

Ohun tí Notepad kò lè sọ ni àpótí tí ètò náà máa fi ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sí. Bí fọ́ọ̀mù ilé iṣẹ́ bá ń kún fúnra rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ gbé fáìlì sí i, ẹ ka gbogbo àpótí náà, pàápàá jù lọ ti ọdún, kí ẹ tó fi ránṣẹ́.