Fánbẹ́líìtì, bẹ́líìtì eléyín tàbí ṣéènì: èwo ló yẹ kọ́nfẹ́yọ̀ tí òkúta ń já lù?

"Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Kọ́nfẹ́yọ̀ wa ló ń gba òkúta lábẹ́ ẹ̀rọ ìfọ́kúta, mọ́tò iná kìlówáàtì 7.5 ló ń fà á. Òkúta ńlá máa ń já lù ú lójijì. Fánbẹ́líìtì la ń lò, ó sì máa ń han gan-an. Ẹnì kan ní ká gbé bẹ́líìtì eléyín sí i torí kì í yọ̀, ẹlòmíì ní ṣéènì ló le jù. Èwo ni ká mú?"

Ẹ má tíì sọ fánbẹ́líìtì yín nù. Ẹ fi í sílẹ̀ láàárín mọ́tò àti gíábọ́ọ̀sì, kí ẹ wá fi ṣéènì sáàárín gíábọ́ọ̀sì àti ìlù tó ń fa rọ́bà kọ́nfẹ́yọ̀. Bẹ́líìtì eléyín kò níṣẹ́ níbẹ̀. Ó pẹ́ tí mo ti ń tọ́jú ẹ̀rọ níbi ìfọ́kúta kan lágbègbè Abẹ́òkúta, mo sì ti rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́nu irú iṣẹ́ yìí gan-an.

Nígbà tí òkúta bá já, rọ́bà fẹ́ dúró, ìlù tó ń fà á náà fẹ́ dúró, àmọ́ irin inú mọ́tò tó ń yí nígbà 1,440 ní ìṣẹ́jú kan kò ṣe tán láti dúró. Agbára tó wà lára irin yẹn gbọ́dọ̀ ríbi lọ. Bí fánbẹ́líìtì bá wà láàárín, á yọ̀ díẹ̀ nínú kòtò púlì, agbára náà á di ooru, ó parí nìyẹn. Bó bá jẹ́ ohun tí kì í yọ̀ ló wà níbẹ̀, agbára yẹn á máa wá ibi tó rọ̀ jù lára ẹ̀rọ náà kiri, ibẹ̀ ló sì máa bàjẹ́.

Òkúta nìkan kọ́ ló ń fa irú ìjàǹbá yìí o. Bí iná bá lọ nígbà tí ẹrù kún orí kọ́nfẹ́yọ̀, tí iná wá dé tí ẹ tẹ bọ́tìnì, mọ́tò tí iná wọ̀ tààrà máa ń fi agbára tó ìlọ́po méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fa ṣáàfù. Èyí burú ju òkúta kan tó já lọ. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ iṣẹ́ fi ṣọ́bìrì kó ẹrù náà dín kù kí wọ́n tó tan án.

Níbi tí mo wà, wọ́n gba irú ìmọ̀ràn tí wọ́n gbà yín yìí. Wọ́n tú fánbẹ́líìtì, wọ́n gbé bẹ́líìtì eléyín sí i. Nígbà tí kò sí ẹrù lórí rẹ̀, ó wu ojú: kò han, púlì kò gbóná. Kò pẹ́ rárá tí kọ́nfẹ́yọ̀ fi dúró tí mọ́tò ṣì ń yí. A ṣí gáàdì, a bá eyín rọ́bà nílẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí èkùrọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Okùn inú bẹ́líìtì kò já rárá, àmọ́ ibi tí eyín ti kúrò ti dán bọ̀rọ́bọ̀rọ́. Ìdí ni pé ìwọ̀nba eyín tó bá wọnú púlì kékeré lákòókò yẹn ló ń gbé gbogbo ẹrù. Nígbà tí òkúta já, àwọn ìwọ̀nba yẹn ló gbà á, wọ́n sì gé.

Wọ́n wá ra èyí tó fẹ̀ ju ti àkọ́kọ́. Bẹ́líìtì yẹn kò ṣe nǹkan kan o. Kíì tó di púlì mú mọ́ ṣáàfù gíábọ́ọ̀sì ló gé, ó sì ha ihò rẹ̀ jẹ lára ṣáàfù. Bẹ́líìtì le sí i, ìyà wá kọjá sí ibi tí àtúnṣe rẹ̀ wọ́n jù. Yàtọ̀ sí ìyẹn, eruku òkúta máa ń wọ inú kòtò púlì eléyín, á ki mọ́lẹ̀ bíi sìmẹ́ńtì, eyín bẹ́líìtì kò ní lè wọlé dáadáa mọ́, á wá máa gun orí rẹ̀ tàbí kó fo. Ibi tí bẹ́líìtì eléyín ti wúlò ni ibi tí nǹkan méjì gbọ́dọ̀ máa rìn pọ̀ láìyẹsẹ̀, bí ẹ̀rọ tó ń di àpò tó sì ń gé e, nínú ilé tí eruku kò pọ̀. Kọ́nfẹ́yọ̀ òkúta kò nílò ìyẹn.

Kí ló dé tí mo wá ní kí ẹ lo ṣéènì lẹ́yìn gíábọ́ọ̀sì, tí òun náà kì í yọ̀? Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ká ní ìlù yín fẹ̀ ní mìlímítà 400, ẹ sì fẹ́ kí rọ́bà máa rin mítà kan àtààbọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìlù gbọ́dọ̀ yí ní ìgbà 72 ní ìṣẹ́jú kan. Púlì mọ́tò jẹ́ mìlímítà 150, ti gíábọ́ọ̀sì 300, 1,440 di 720. Gíábọ́ọ̀sì pín in sí márùn-ún, ó di 144. Sípírọ́kẹ́ẹ̀tì eléyín 19 sí eléyín 38, ó di 72.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò, fánbẹ́líìtì ń sáré bíi mítà 11 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà ohun tó ní láti fà kò ju bíi kílò 68 lọ. Bí ẹ bá gbé fánbẹ́líìtì kan náà sí ẹ̀yìn gíábọ́ọ̀sì, lórí púlì 300, ìyára rẹ̀ á wálẹ̀ sí bíi mítà méjì lé díẹ̀, ohun tó máa fà á sì lọ sókè sí bíi kílò 340. Agbára mọ́tò kan náà ni, ìlọ́po márùn-ún ni ẹrù. Ẹ máa ní láti to bẹ́líìtì jọ rẹpẹtẹ, ẹ ó sì fà á le débi tí yóò pa bíárín gíábọ́ọ̀sì, torí pé fánbẹ́líìtì kò lè ṣiṣẹ́ láìjẹ́ pé wọ́n ti fà á le tẹ́lẹ̀, àti lápá òkè àti lápá ìsàlẹ̀. Ṣéènì kò nílò ìyẹn. Apá kan ló ń fà, apá kejì rọ̀ jẹ́jẹ́. Ìdí nìyẹn tí ibi tí ẹ̀rọ ti ń rọra yí fi jẹ́ ti ṣéènì, ibi tó ti ń sáré sì jẹ́ ti fánbẹ́líìtì.

Nítorí òkúta tó ń já, ẹ má fi kìlówáàtì 7.5 gan-an wo táàbù ẹni tó ṣe bẹ́líìtì tàbí ṣéènì. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po kan àtààbọ̀, ìyẹn bíi 11.25, kí ẹ tó yan. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò, fánbẹ́líìtì oníwọ̀n B mẹ́rin ni mo máa ń fi sí irú rẹ̀. Fún ṣéènì, oníwọ̀n 20B ni kí ẹ rà. 16B á dà bíi pé ó tó, kò sì ní já lọ́jọ́ kan, àmọ́ á tètè gùn. Lórí sípírọ́kẹ́ẹ̀tì eléyín 19, 20B á máa fa bíi kílò 525, ohun tó sì lè já a lé ní tọ́ọ̀nù 9, àyè pọ̀ fún òkúta. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tà yín sípírọ́kẹ́ẹ̀tì eléyín 11 torí ó kéré, ó sì rọrùn lówó. Bí eyín bá kéré ní iye, ṣéènì fúnra rẹ̀ á máa já kọ́nfẹ́yọ̀ gbà, kódà kí òkúta tó já: lórí eyín 11 ìyára rẹ̀ ń gòkè ó ń sọ̀ bí ìdá 4 nínú 100, lórí 19 kò ju bí ìdá kan àti díẹ̀ lọ.

Ó wá ku bí fánbẹ́líìtì yín ṣe ń han. Ìhan ráńpẹ́ nígbà tí ẹ bá tan ẹ̀rọ pẹ̀lú ẹrù kì í ṣe àìsàn. Bó bá ń han lọ bẹ́ẹ̀, tí eruku dúdú ń kó jọ sábẹ́ gáàdì, ó ń yọ̀ jù nìyẹn, yóò sì jóná. Ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ yọ fíúsì, kí ẹ wo ìsàlẹ̀ kòtò púlì. Bí ìsàlẹ̀ yẹn bá ń dán, bẹ́líìtì ti jókòó sórí ilẹ̀ kòtò, kò fi ẹ̀gbẹ́ di púlì mú mọ́. Kò sí bí ẹ ṣe lè fà á le tí yóò dáa. Púlì ló ti jẹ. Bí kòtò bá ṣì dára, ẹ fi ìka tẹ àárín bẹ́líìtì: bí mìlímítà 16 ló yẹ kó wọlé fún mítà kọ̀ọ̀kan tó wà láàárín ibi tó ti fara kan púlì méjèèjì. Bó bá jẹ́ 600 mìlímítà, bíi 10 ni. Bí ẹ ṣe máa tẹ̀ ẹ́ lágbára tó wà nínú táàbù ẹni tó ṣe bẹ́líìtì náà.

Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kí ẹ pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí tuntun kan láàárín ògbólógbòó mẹ́ta ni yóò máa dá ru ẹrù. Lẹ́yìn ọjọ́ iṣẹ́ àkọ́kọ́, ẹ tún wọn fà, torí wọ́n á ti na díẹ̀. Ẹ má sì fà á le jù nítorí ariwo. Fánbẹ́líìtì tó le bí irin kò ní yọ̀ nígbà tó yẹ kó yọ̀, bíárín mọ́tò ló máa sanwó rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń yọ̀ jù, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ẹ̀gbẹ́ ìlù, kí ẹ ka ìyípo rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan láìsí ẹrù, kí ẹ tún kà á nígbà tí ẹrù bá kún. Bí 72 bá di 70 tàbí 71, kò burú. Bó bá wálẹ̀ sí 66, ó ń yọ̀.

Lórí ṣéènì, eruku ni ọ̀tá. Eruku òkúta pẹ̀lú ọ́ìlì ń di ohun tó ń lọ irin, nítorí náà ẹ fi gáàdì tó sé dáadáa bò ó, ẹ sì máa fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a kí ẹ tó fi ọ́ìlì sí i. Ọ́ìlì ẹnjinni dára ju gírísì lọ, torí gírísì ò lè wọ àárín pìnnì àti ìbọ̀ rẹ̀. Ẹ fi rúlà wọn oríkèé 12 nígbà tí ṣéènì bá fà: 20B tuntun jẹ́ mìlímítà 381. Tó bá ti dé bíi 388, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, pẹ̀lú sípírọ́kẹ́ẹ̀tì tí eyín rẹ̀ bá ti tẹ̀ bí ìwọ̀. Kí iye oríkèé sì jẹ́ èyí tó ṣe é pín sí méjì. Ààbọ̀ oríkèé tí wọ́n máa ń fi dí àyè ni ibi tó máa kọ́kọ́ já.

Bí kọ́nfẹ́yọ̀ yín bá gun òkè, ìdúró kan gbọ́dọ̀ wà tí kò ní jẹ́ kó yí padà sẹ́yìn. Orí ṣáàfù ìlù gan-an ni kó wà, kì í ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò. Bó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò, ọjọ́ tí fánbẹ́líìtì bá yọ̀ tàbí tí ṣéènì bá já, gbogbo òkúta orí rọ́bà ló máa sáré padà wálẹ̀ bá ẹni tó wà nísàlẹ̀.