Orí Ń Fọ́ Ìyá Tó Ń Fún Ọmọ Lọ́mú: Oògùn Wo Ló Lè Lò?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún rèé tí mo bímọ, ọmú nìkan ni mo sì ń fún ọmọ mi. Láti ọjọ́ mẹ́ta ni orí ti ń fọ́ mi gan-an. Ìyá ọkọ mi ní kí n fara dà á, pé oògùn tí mo bá mu, ọmọ ló ń mu ún. Aládùúgbò wa ní tirẹ̀ fún mi ní Alábùkún kan lánàá, mo mu ún, orí náà sì fúyẹ́ díẹ̀. Ẹ̀rù wá ń bà mí báyìí. Èwo gan-an ni mo lè lò?

Ìdáhùn: Ìyá ìkókó, ẹ kú ewu ọmọ. Kí n tó dárúkọ oògùn kankan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ yín lónìí yìí. Kò gbọdọ̀ di ọ̀la. Kẹ́mísì tó ní ẹ̀rọ rẹ̀ tàbí ilé ìwòsàn ìjọba tó sún mọ́ yín jù lọ lè wọ̀n ọ́n fún yín.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ẹ̀jẹ̀ ríru aboyún máa ń tán lọ́jọ́ tí ọmọ bá ti bọ́ sílẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó lè ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ, títí dé ọ̀sẹ̀ kẹfà, kódà lára obìnrin tí ìfúnpá rẹ̀ dára ní gbogbo ìgbà tó fi wà nínú oyún. Ẹ̀fọ́rí tí kò lọ bọ̀rọ̀ wà lára ohun tó fi máa ń kọ́kọ́ hàn. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ pè é, ọjọ́ mẹ́ta ni orí sì ti ń fọ́ yín. Ìdí nìyẹn tí n kò fi fẹ́ fo èyí kọjá.

Obìnrin kan wọ ṣọ́ọ̀bù mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọmọ ọjọ́ mẹ́sàn-án wà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀lù. Oògùn orí ló wá rà. Bó ṣe ń na owó sí mi, mo rí i pé ó ń dijú sí iná òkè. Mo bi í pé kí ló ṣe ojú rẹ̀, ó ní nǹkan kan ń tàn wìnrìnwìnrìn níwájú òun bí ìràwọ̀ láti àárọ̀, pé òun rò pé àìsùn ni. Mo ní kó jókòó, mo gbé ẹ̀rọ sí i lápá: 168 lórí 112. Mo dúró díẹ̀, mo tún un wọ̀n, kò yàtọ̀. N kò ta oògùn fún un. Kẹ̀kẹ́ Màrúwá ni mo pè, mo kọ nọ́ńbà méjèèjì sórí bébà fún un, ó sì gba ilé ìwòsàn lọ. Wọ́n dá a dúró, wọ́n fún un ní oògùn tó ń mú ìfúnpá wálẹ̀ àti abẹ́rẹ́ maginísíọ̀mù tí kì í jẹ́ kí gìrì gbé ìyá ọlọ́mọ. Ká ní mo ta hóró méjì fún un ni, orí náà ì bá fúyẹ́, ì bá padà sílé lọ sùn, gìrì ì bá sì ká a mọ́ orí bẹ́ẹ̀dì.

Tí tiyín bá jẹ́ 140 lórí 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ rí dókítà lọ́jọ́ náà gan-an. Tí nọ́ńbà òkè bá dé 160 tàbí tí ti ìsàlẹ̀ bá dé 110, ilé ìwòsàn pàjáwìrì ni, ẹ má yà síbì kankan. Láìka ohun tí ẹ̀rọ bá sọ sí, ẹ sáré lọ tí ojú bá ń ṣe bàìbàì, tí abẹ́ egungun ìhà ọ̀tún bá ń ro yín, tí ojú bá wú lójijì, tí apá tàbí ẹsẹ̀ kan kò bá lágbára, tàbí tí orí náà bá bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bí ìgbà tí àrá sán.

Ó dáa, ká ní ìfúnpá yín dára. Parasítámọ̀lù ni oògùn tí mo máa kọ́kọ́ fi lé yín lọ́wọ́, èyí tí kò ní nǹkan mìíràn nínú. Hóró onímílígíráàmù 500, méjì lẹ́ẹ̀kan. Tó bá tún di dandan, ẹ jẹ́ kí wákàtí mẹ́fà kọjá kí ẹ tó mu méjì mìíràn. Kò gbọdọ̀ ju hóró mẹ́jọ lọ láàárín ọjọ́ kan sí èkejì, torí ẹ̀dọ̀ ló ń bá a jà, ẹ̀dọ̀ kì í sì tètè sọ pé ó ti rẹ òun. Tí ẹ kò bá tó kílò 50, ẹ jẹ́ kí apòògùn sọ iye tó yẹ yín, ó lè jẹ́ hóró kọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣọ́ra fún oògùn ọ̀fìnkìn pẹ̀lú: parasítámọ̀lù sábà máa ń wà nínú wọn, ẹni tó bá wá mu méjèèjì pọ̀ ti mu ún lẹ́ẹ̀mejì láìmọ̀. Òmíràn nínú wọn tún máa ń ní èròjà tó ń ṣí imú, tí wọ́n ń pè ní sudoẹfẹ́dírìnì, èyí sì lè dín omi ọmú kù.

Ìyá ọkọ yín kò purọ́. Oògùn ń gba inú ẹ̀jẹ̀ wọ omi ọmú lóòótọ́. Iye tó ń wọ̀ ọ́ ló yẹ ká wò. Ẹ jẹ́ ká ní ọmọ yín wọn kílò 4. Tí dókítà bá fẹ́ fi parasítámọ̀lù wo irú ọmọ bẹ́ẹ̀, nǹkan bíi mílígíráàmù 40 sí 60 ni yóò fún un lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ẹ̀yin bá tilẹ̀ mu hóró mẹ́jọ pé ní ọjọ́ kan, gbogbo èyí tí ọmọ yóò fà mu nínú ọmú láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ kò ní ju nǹkan bíi 15 lọ. Nítorí náà, kò sídìí tí ẹ ó fi máa ka wákàtí kí ẹ tó fún un lọ́mú, kò sì sídìí tí ẹ ó fi fún omi ọmú dànù. Ẹ lè sọ ọ́ fún Màmá bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn àgbà ló máa ń gbà bí wọ́n bá rí iye rẹ̀.

Alábùkún wá ńkọ́? Láti 1918 ni Jacob Ṣógbóyèga Ọdúlatẹ̀ ti dá ilé oògùn Alábùkún sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta, ìdí nìyẹn tí ọwọ́ gbogbo ilé fi ń lọ sí i bí orí bá ti ń fọ́. Asipirínì àti kafíìnì ni lẹ́búlẹ́bú inú rẹ̀, mílígíráàmù 760 ti àkọ́kọ́, 60 ti èkejì. Fún àgbàlagbà tí kò fún ọmọ lọ́mú tí inú rẹ̀ sì le, oògùn orí ni lóòótọ́. Asipirínì yẹn ni kò jẹ́ kí n fún ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú. Ara ìkókó kì í tètè lé e jáde, ó lè máa gbá jọ sí i lára tí ìyá bá ń mu ún léraléra. Àìsàn kan sì tún wà tí wọ́n ń pè ní àìsàn Rẹ́ì. Kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ọpọlọ àti ẹ̀dọ̀ ọmọ ló ń kọlù, àwọn ọmọdé tí wọ́n lo asipirínì nígbà tí ọ̀fìnkìn líle tàbí irú àrùn bẹ́ẹ̀ ń ṣe wọ́n ni wọ́n sì ti rí i lára jù lọ. Nígbà tí parasítámọ̀lù wà nílẹ̀, tí kò sì wọ́n, kí la fẹ́ fi èyí ṣe?

Ẹyọ kan tí ẹ mu lánàá kò ba omi ọmú yín jẹ́ o. Ẹ máa fún ọmọ lọ́mú lọ, ẹ má sì mu òmíràn. Tí dókítà bá ti fún obìnrin kan ní asipirínì kékeré onímílígíráàmù 75 fún ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ tàbí ọkàn, ìyẹn yàtọ̀, kí ó má dá a dúró fúnra rẹ̀.

Kafíìnì náà yẹ ní wíwò. Àgbàlagbà máa ń lé ìdajì rẹ̀ jáde láàárín nǹkan bíi wákàtí márùn-ún, àmọ́ ó lè gba ìkókó ní ọjọ́ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá kan ń ráhùn sí mi pé ọmọ òun kì í sùn, pé ara rẹ̀ kì í balẹ̀. A jọ kà á: lẹ́búlẹ́bú Alábùkún mẹ́ta lóòjọ́ jẹ́ mílígíráàmù 180, tíì ife méjì, obì kan lọ́wọ́ alẹ́ kí oorun má baà gbé e. Ó ti kọjá 200 dáadáa, iye tí a máa ń sọ pé kí ìyá má kọjá lóòjọ́. Ó fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó ń lo parasítámọ̀lù lásán. Ó gba ọjọ́ mélòó kan kí oorun ọmọ náà tó padà, kò sì yẹ kó yani lẹ́nu. Parasítámọ̀lù tí wọ́n fi kafíìnì kún náà wà lọ́jà, ẹ wo ẹ̀yìn káàdì kí ẹ tó sanwó.

Bí parasítámọ̀lù kò bá ká a, ibupurófẹ̀nì ló tẹ̀ lé e. Hóró onímílígíráàmù 200, méjì lẹ́yìn oúnjẹ, kí wákàtí mẹ́jọ kọjá kí ẹ tó tún un lò, kó má sì ju hóró mẹ́fà lọ lóòjọ́. Díẹ̀ bíńtín ló ń wọ omi ọmú. Ara ìyá gan-an ló yẹ kí ẹ wò lórí èyí: ẹni tó ní ọgbẹ́ inú, ikọ́ fée tàbí àìsàn kídìnrín kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ẹni tí ìfúnpá rẹ̀ ga náà kò gbọdọ̀ mú un fúnra rẹ̀, nítorí ó lè tì í sókè sí i. Ẹ tún rí ìdí tí mo fi ní kí ẹ kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n.

Mo ní láti sọ̀rọ̀ lórí hóró tí àwọn èèyàn wa máa ń kó wá láti Lọ́ńdọ̀nù, tí ẹnì kan lè fún yín pé ó lágbára. Òmíràn nínú wọn ní kodíìnì pọ̀ mọ́ parasítámọ̀lù. Inú ara ni kodíìnì ti ń yí padà di mọfíìnì, àwọn obìnrin kan sì wà tí ara wọn ń yí i padà kíákíá, débi tí ọmọ lè máa sùn lásùnjù, kí èémí rẹ̀ sì máa fà díẹ̀díẹ̀. Ní 2017, àjọ tó ń mójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ pé kí ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú má lo kodíìnì tàbí tiramádọ̀lù. Bí ẹ bá ti lò ó, tí ọmọ kò jí mu ọmú bó ṣe yẹ, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Hóró pupa, funfun àti àwọ̀ ewé tí wọ́n dì sínú ọ̀rá láìsí orúkọ lára, ẹ má gbà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Èmi tó jẹ́ apòògùn gan-an kò lè wo wọn kí n mọ ohun tó wà níbẹ̀.

Ẹ fi omi sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí ẹ ti ń fún ọmọ lọ́mú, kí ẹ máa mu ife kan nígbà kọ̀ọ̀kan tí ọmọ bá fà, ẹ má sì jẹ́ kí ebi pa yín di ọ̀sán. Tí ara bá gbóná pẹ̀lú orí náà, ẹ ṣe àyẹ̀wò ibà kí ẹ tó ra oògùn rẹ̀, ẹ má kàn mú un pé ibà ni. Tó bá sì jẹ́ pé iṣẹ́ abẹ lẹ fi bímọ, tí wọ́n gún yín lábẹ́rẹ́ ní eegun ẹ̀yìn, tí orí ń fọ́ yín bí ẹ bá jókòó tó sì ń fúyẹ́ bí ẹ bá dùbúlẹ̀, ẹ padà sọ ọ́ fún àwọn tó ṣe é, nítorí ìtọ́jú tirẹ̀ yàtọ̀. Bí ìfúnpá bá dára, tí ẹ ti lo parasítámọ̀lù bí mo ṣe sọ, tí orí ṣì ń fọ́ lẹ́yìn ọjọ́ méjì sí i, ẹ lọ rí dókítà, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà ìfúnpá yín àti wákàtí tí ẹ mu oògùn kọ̀ọ̀kan sórí bébà mú lọ́wọ́.