Bí wọ́n ṣe ń pe ara wọn, àti ìbéèrè tí wọn kò dáhùn

*"Ẹ̀yin àgbà òǹkọ̀wé, báwo ni mo ṣe lè jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ẹ̀dá ìtàn mi fi ọjọ́ orí wọn, ipò wọn àti èrò ikùn wọn hàn, láìjẹ́ pé wọ́n ń ròyìn ara wọn?"*

Eré orí rédíò ni mo fi kọ́ ọ, ojú mi sì rí tó. Olùgbọ́ kì í rí aṣọ, kì í rí ojú. Ohùn nìkan ló ní. Bí wọ́n ṣe ń pe ara wọn ni mo kọ́kọ́ máa ń wò. Ọmọ ọ̀gá sọ fún awakọ̀ tó dàgbà ju bàbá rẹ̀ lọ pé:

"Bàbá, ẹ gbé mọ́tò jáde. Mo ti pẹ́."
"Ẹ ò ní pẹ́, mà."

Àwọn méjèèjì ló lo "ẹ", nítorí náà "ẹ" nìkan kò tó. "Bàbá" ló fi ọjọ́ orí hàn. "Mà" ló fi ipò hàn. Pé ọmọ náà kò kí i, tí kò sì ní "ẹ jọ̀ọ́", ìyẹn ti sọ irú ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ.

Èrò ikùn ló le jù. Ẹ jẹ́ ká ní ọkùnrin kan ti Èkó wá sí Ìbàdàn, ó jẹ gbèsè, ó fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin ta ilé. Bí ẹ bá kọ ọ́ pé, "Ìyá, ẹ mọ̀ pé mo jẹ gbèsè," ó ti bàjẹ́. Ìyá ti mọ̀. Òǹkàwé ló ń bá sọ̀rọ̀. Gbogbo ibi tí "ṣebí ẹ mọ̀ pé" bá ti yọjú nínú iṣẹ́ yín, ẹ tún un wò. Ẹ má jẹ́ kó dárúkọ owó rárá:

"Ẹ kú ilé, mà."
"Àjàní! Àjàní ọkọ mi. O ti jẹun?"
"Mo ti jẹun, mà. Òrùlé yìí ń jò o."
"Ó ti ń jò kí wọ́n tó bí ẹ."
"Ìwé ilẹ̀ ńkọ́? Kí òjò má lọ bà á jẹ́."
"Ẹ̀bà wà nílẹ̀. Lọ fọwọ́."

Oríkì tí ìyá fi pè é ti sọ pé ìyá ló dàgbà, ó sì fẹ́ràn rẹ̀. Ọkùnrin náà kò béèrè àlàáfíà rẹ̀. Òrùlé ló kọ́kọ́ rí, ó sì fi òjò bo ìwé ilẹ̀ tó ń wá. Ìyá kò dáhùn ìbéèrè ìwé. Ọkùnrin náà ti sọ pé òun ti jẹun, síbẹ̀ oúnjẹ ni ìyá tún fi lọ̀ ọ́. Ìyá ti mọ ohun tó bá wá.

Bí ẹ bá ti kọ tán, ẹ yọ orúkọ tó wà níwájú ọ̀rọ̀ kúrò, kí ẹ fún ẹni tí kò mọ ìtàn náà kà. Ẹ bi í pé ta ló dàgbà, kí sì ni àlejò ń wá. Bí kò bá mọ ẹni tó dàgbà, ẹ tún ìkíni ṣe. Bí kò bá mọ ohun tí àlejò ń wá, ẹ má fi àlàyé kún un. Ẹ jẹ́ kí àlejò tún béèrè ìwé náà lọ́nà mìíràn, kí ìyá sì tún yẹ̀ ẹ́.